Bí a ṣe ń ka fọ́tò ojú osilosikóòpù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá fi fọ́tò ojú osilosikóòpù ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka àkọlé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wo ìgbì fúnra rẹ̀. Èyí tí mo yà láti ara tiransifọ́mà kékeré kan ní `CH1 2.00V` àti `M 5.00ms`, èyí tó túmọ̀ sí pé àpótí kan lóòró jẹ́ fóòtì 2, àpótí kan ní ìbú sì jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 5.

Láti ṣóńṣó òkè ìgbì náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, mo ka àpótí 6.8, nítorí pé ìlà kéékèèké kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.2 àpótí. Ìyẹn jẹ́ fóòtì 13.6, ìdajì rẹ̀, fóòtì 6.8, sì ni gíga ìgbì. Ẹ má ṣe kà á láti ìlà àárín, torí pé wọ́n lè ti sún ìgbì náà sókè.

Ní ti àkókò, ìyípo méjì ni mo máa ń kà pọ̀ kí àṣìṣe ojú lè dínkù. Méjèèjì gba àpótí 8, ìyẹn mílísẹ́kọ́ńdì 40, nítorí náà ìyípo kan gba 20. Ẹ sọ ọ́ di sẹ́kọ́ńdì kí ẹ tó fi pín 1 láti rí iye ìyípo ní sẹ́kọ́ńdì kan (ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà): `1 ÷ 0.020 = 50 Hz`, bíi ti iná ìjọba Nàìjíríà.

Bí ọ̀pá ìwọ̀n bá wà ní `10X` tí ẹ̀rọ sì wà ní `1X`, fóòtì tí ẹ kà yóò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti òótọ́, ṣùgbọ́n àkókò kò ní yí padà.