Pílétílẹ́ẹ̀tì tó lọ sílẹ̀ nínú ìgò, tí kò lọ sílẹ̀ nínú ara: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aboyún kan tó ti wọ oṣù kẹjọ jáde, wọ́n sì kọ 41 síwájú PLT. Láti 150 sí 450 ni a máa ń retí, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà 150 sí 450 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. PLT yìí ni pílétílẹ́ẹ̀tì, àwọn wóró kéékèèké tó ń sáré lọ dí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń jáde. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ fi gbẹ̀bí rẹ̀, 41 sì kéré jù fún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń pa ìrora. Ni gbogbo ilé bá dàrú: ọkọ ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri, ẹnì kan ti ń dárúkọ prẹdinisólóònù, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara máa ba pílétílẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin náà fúnra rẹ̀. Imú rẹ̀ kò ṣẹ̀jẹ̀, eyín rẹ̀ kò ṣẹ̀jẹ̀, kò sí àmì pupa wínníwínní lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ wá forúkọ sílẹ̀ fún oyún yìí, 210 ni wọ́n kà fún un. Ẹni tí nǹkan kò ṣe tí nọ́ńbà rẹ̀ já wálẹ̀ báyìí, ìgò tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Má ṣe fi nọ́ńbà ẹ̀rọ nìkan bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú

Ìgò onídèérí elésè àlùkò ni wọ́n ń lò fún àyẹ̀wò yìí. Oògùn kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ EDTA, tó ń gba kálíṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn, kò sí wàhálà. Àwọn kan wà, bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ní èròjà agbèjà ara kan tó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ nínú ara láìṣe nǹkan kan. Tí EDTA bá ti gba kálíṣíọ̀mù kúrò, ojú pílétílẹ́ẹ̀tì á yí padà, ibi tó fara sin lára rẹ̀ á yọ síta, èròjà yẹn á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn wóró náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù mọ́ra. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tutù, tó sì ń pẹ́ lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣù sí i.

Ìtóbi ni ẹ̀rọ fi ń mọ pílétílẹ́ẹ̀tì. Tí ogún bá ṣù pọ̀, ó ti tóbi ju ohun tí ẹ̀rọ ń wá lọ, bí ẹni tí wọ́n ní kó ka èrò ojú pópó tó wá rí dáńfó tó kún fọ́fọ́, tó kọ ọkọ̀ kan sílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ a tilẹ̀ ka ìṣù náà mọ́ wóró ẹ̀jẹ̀ funfun, tí iye funfun á fi lọ sókè lásán. Èyí gan-an jẹ́ ohun tó yẹ kó ta oníṣẹ́ àyẹ̀wò lólobó.

Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ kò wọ́n. A ó ta ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì, a ó kùn ún, a ó wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, pàápàá níbi ìrù rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ìṣù máa ń wọ́ lọ. Èmi kì í fọwọ́ sí PLT tó wà lábẹ́ 100 fún ẹni tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ láìwo gíláàsì rẹ̀.

Má ṣe tún un gbà sí irú ìgò kan náà

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù nìyí, torí ó jọ ìṣọ́ra. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ aboyún wa gbà ní ọjọ́ kejì sínú ìgò elésè àlùkò, ó jáde ní 36, wọ́n ní àyẹ̀wò méjì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun kan náà tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló tún ṣẹlẹ̀ lónìí.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí a gba ìgò méjì lẹ́ẹ̀kan náà: elésè àlùkò kan, àti aláwọ̀ búlúù kan tó ní sítíréètì nínú, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí a sì kà wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ti aboyún yìí, elésè àlùkò fún wa ní 172 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, búlúù fún wa ní 181. Lẹ́yìn wákàtí méjì, elésè àlùkò ti já sí 48, búlúù ṣì wà ní 178. Àkókò ló ń jẹ pílétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé láti sọ 181 yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú 1.1, kí ó di 199. Omi ni sítíréètì inú ìgò búlúù, mílílítà 0.3 fún mílílítà 2.7 ẹ̀jẹ̀, ó sì ti bomi la ẹ̀jẹ̀ náà. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ojú ìlà ara ìgò, ìṣirò náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn kan wà tí tiwọn ń ṣù nínú sítíréètì pẹ̀lú. Fún irú wọn, a lè mú kí ìgò lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìwọ̀n ooru ara, ìyẹn 37, láti ìgbà tí a ti gbà á títí a ó fi kà á. Bí ìṣù bá ṣì wà, ohun tó ṣe é sọ ò ju bóyá pílétílẹ́ẹ̀tì tó tàbí kò tó lọ, láìdárúkọ nọ́ńbà.

Gbogbo ìṣù kọ́ ni ẹjọ́ EDTA o. Tí abẹ́rẹ́ bá ń wá iṣan kiri, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán tó-tó-tó, tàbí tí ẹni tó gbà á kò rọra dojú ìgò náà délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí oògùn lè kárí, ẹ̀jẹ̀ á dì díẹ̀ nísàlẹ̀, á sì gbé pílétílẹ́ẹ̀tì mì. Ìyẹn kò ju ká tún un gbà dáadáa lọ.

Má sì ṣe sọ pé "ìṣù ni" láìwò

Pílétílẹ́ẹ̀tì ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ibà ló sábà ń fà á lọ́dọ̀ wa, ó sì máa ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí a bá ti tọ́jú ibà náà. Mùdùnmúdùn inú egungun lè má pèsè rẹ̀ tó, nítorí àìtó fólétì tàbí fítámì B12, ọtí àmujù, oògùn jẹjẹrẹ tàbí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ara lè máa ba pílétílẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jẹ́, kòkòrò HIV lè wà nídìí rẹ̀, kuiníìnì náà lè fà á. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, ẹ̀yà ara abẹ́ ìhà òsì a máa wú, a sì há pílétílẹ́ẹ̀tì mọ́nú.

Nínú oyún, ó máa ń dín díẹ̀ nígbà tí ìbímọ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì léwu. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ ríru, orí fífọ́ tàbí ìrora lókè ikùn lápá ọ̀tún bá bá a rìn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tí àmì pupa wínníwínní ń jáde lára rẹ̀: kò gbọdọ̀ dúró de ìgò búlúù kankan.

Ní ti aboyún wa, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú káàdì rẹ̀ pé pílétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ṣù nínú EDTA, kí wọ́n máa lo sítíréètì. Láìsí ìlà kan yẹn, ilé àyẹ̀wò mìíràn á tún kọ 41 fún un lọ́jọ́ iwájú.