Àwọn àṣìṣe tó ń gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìbéèrè òfin àdéhùn

Ẹ wo irú ìbéèrè yìí, tí olùkọ́ òfin àdéhùn fẹ́ràn púpọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Kọ́lá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Délé, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ‘Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ta mọ́tò mi fún yín ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Mo fi í sílẹ̀ dè yín títí di ọjọ́ Ẹtì.’ Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Délé fèsì: ‘Ṣé mo lè pín owó náà san lẹ́ẹ̀mejì?’ Kọ́lá ò dáhùn. Lọ́jọ́ Rú, ó ta mọ́tò náà fún Ṣadé. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò náà ṣe sọ fún Délé pé Kọ́lá ti tà á. Kíá ni Délé tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: ‘Mo gbà, mílíọ̀nù mẹ́rin, owó ń bọ̀.’ Ẹ gba Délé nímọ̀ràn.

Ẹ má fi ojú ewé kan ṣàlàyé ohun tí àdéhùn jẹ́. Ohun mẹ́rin ni òfin ń wá lóòótọ́: ọ́fà tí ẹnì kan fi lọ̀ ẹnì kejì, ìtẹ́wọ́gbà, ohun tí a fi ra ìlérí, àti èrò pé kí òfin dè wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló le nínú ìtàn yìí. Mọ́tò fún owó: gbólóhùn kan ti tó fún ohun tí a fi ra ìlérí títà. Pé ọ́fà ni ọ̀rọ̀ Kọ́lá náà ò gba àríyànjiyàn, torí ó dárúkọ ọjà, iye, àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n á kọ ọ́ pé Délé ti pa ọ́fà náà, wọ́n á sì tọ́ka sí ẹjọ́ Hyde pẹ̀lú Wrench ti 1840. Nínú ẹjọ́ yẹn, ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni olóko pè é, oníbàárà ní òun á san 950. Nígbà tó padà wá láti san ẹgbẹ̀rún, ilé ẹjọ́ ní ọ́fà àkọ́kọ́ ti kú. Àmọ́ Délé ò dá iye kankan, ìbéèrè ló bi. Ẹjọ́ tó bá a mu ni Stevenson pẹ̀lú McLean, 1880, níbi tí oníbàárà ti béèrè bóyá wọ́n lè fún òun láyè láti gba irin náà díẹ̀díẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ìwádìí lásán nìyẹn, ọ́fà náà ṣì wà láàyè. Torí náà, ẹ ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ gan-an, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi pè é ní ìbéèrè.

‘Títí di ọjọ́ Ẹtì’ náà ń tan èèyàn jẹ. Ìlérí kejì ni, ibí yìí gan-an ni ohun tí a fi ra ìlérí ti ṣe pàtàkì. Délé ò san kọ́bọ̀ kankan kí Kọ́lá tó fi mọ́tò náà sílẹ̀ dè é, nítorí náà Kọ́lá lè yí ọkàn padà kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, bí Délé ò bá tíì gbà.

Ṣùgbọ́n ìyípadà ọkàn náà gbọ́dọ̀ dé etí Délé. Títà fún Ṣadé nìkan ò fagi lé ọ́fà náà. Ṣé ó di dandan kí Kọ́lá fúnra rẹ̀ sọ ọ́? Dickinson pẹ̀lú Dodds, 1876, ní rárá: ẹnu ẹlòmíràn ni olùrà ti gbọ́ pé ilé náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun, ó sì pàdánù. Ẹ má kàn dárúkọ ẹjọ́ náà kí ẹ sì kọjá. Ẹ yẹ ẹni tó sọ̀rọ̀ wò: mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò yẹn gan-an ṣe yàtọ̀ sí àhesọ inú ọjà. Mo rò pé Délé ò ní lè jàre níbí.

Torí ‘ẹ̀gbọ́n’ yẹn, àwọn kan á sáré lọ sí Balfour pẹ̀lú Balfour, 1919, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, òfin ò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya nípa owó tí ọkọ ṣèlérí láti máa fún ìyàwó lóṣooṣù nìyẹn. Lóòótọ́, òfin a máa kọ́kọ́ gbà pé ẹbí ò ní ilé ẹjọ́ lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí lè yí i padà. Mílíọ̀nù mẹ́rin, iye pàtó, ọjọ́ pàtó: òwò lèyí.

Ẹ má dúró síbi tí Délé ti pàdánù o. Ẹ tún béèrè: ká ní kò gbọ́ ńkọ́? Nígbà náà, ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ di ìtẹ́wọ́gbà, Kọ́lá sì ti ba àdéhùn jẹ́. Mọ́tò á ṣì wà lọ́wọ́ Ṣadé, owó gbà-máà-bínú ni Délé lè béèrè.