Ọ́dítọ̀ fọwọ́ sí ìwé wa, owó tún pòórá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wá ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọ́dítọ̀ yẹ ìwé wa wò, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà la wá rí i pé akọ̀wé wa ti fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti kú yá ₦900,000. Ṣé òun àti ọ́dítọ̀ jọ ṣe é ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá ọ́dítọ̀ lẹ́bi. Ẹ mú ìwé tó fọwọ́ sí, kí ẹ ka ibi tó ti sọ èrò rẹ̀. Ẹ ò ní rí i níbẹ̀ pé kò sí olè nínú ẹgbẹ́. Ohun tó sọ ni pé ìṣirò tí ìgbìmọ̀ yín ṣe fi ipò owó ẹgbẹ́ hàn bó ṣe yẹ, láìsí àṣìṣe tó tóbi débi tó lè ṣi ẹni tó ń kà á lọ́nà. Ìgbìmọ̀ ló ni ìṣirò yẹn, àwọn náà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ dí ojú ihò tí olè lè gbà.

Ọ́dítọ̀ máa ń pinnu iye tó máa kà sí ńlá kó tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní ohun ìní ẹgbẹ́ jẹ́ ₦60,000,000, tó sì mú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ₦1,200,000 nìyẹn. ₦900,000 kò tó o. Kì í sì í wo gbogbo rìsíìtì, díẹ̀ ló ń ṣà wò. Àmọ́ bó bá ti rí jìbìtì, bó ti wù kó kéré tó, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ń darí ẹgbẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ mọ́ ni lẹ́tà tó kọ sí àwọn tó yá owó, láti bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n jẹ. Ọ̀dọ̀ ọ́dítọ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí lẹ́tà ti jáde, kí èsì sì padà sọ́wọ́ rẹ̀ tààrà. Bó bá kó o fún akọ̀wé pé kó bá òun pín in, akọ̀wé lè jókòó sílé kó buwọ́ lù ú fún òkú. Ẹ ní kó fi àwọn èsì náà hàn yín. Bí ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà bá wà lára púpọ̀ nínú wọn, tàbí tí gbogbo wọn ti ọwọ́ akọ̀wé dé, iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Bó bá pín lẹ́tà bó ṣe yẹ, tí orúkọ olóògbé kò sì sí lára àwọn tó ṣà, ibi tí àyẹ̀wò mọ nìyẹn.

Ìbéèrè: Kí la máa wò nínú ìwé ọ́dítọ̀ ti ọdún tó ń bọ̀?

Ìdáhùn: Bó bá kọ pé ó dára "àyàfi" nǹkan kan, ẹ ka nǹkan náà dáadáa kí ẹ tó pín èrè. Bó bá ní ìṣirò náà kò fi òótọ́ hàn, ẹ má gbára lé e rárá. Bó bá ní òun kò lè sọ èrò kankan, ẹ bi í léèrè ìwé tí wọn kò kó fún un, àti ẹni tó kọ̀ láti kó o wá.