Bí mo ṣe rí òǹkà ìkẹyìn nọ́ńbà tó gùn ju mílíọ̀nù mọ́kànlélógójì òǹkà lọ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n kéde nọ́ńbà práìmù kan tí Luke Durant rí nínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe GIMPS: 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1. Òǹkà 41,024,320 ló wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá ń pè é ní òǹkà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò jẹun tí kò sì sùn, yóò lé ní 470 ọjọ́ kó tó pè é tán.

Àbúrò mi tó ń múra ìdánwò ló fi hàn mí. Mo ní mo lè sọ òǹkà tó parí rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, kàlíkúlétọ̀ wo lẹ fẹ́ lò?" Òótọ́ ló sọ. Kódà 2¹⁰⁰ lásán, ohun tí fóònù mi gbé jáde ni 1.267650600228229e30. Iwájú ló ń fi hàn wá, ó ti gé ìdí rẹ̀ dànù, ìdí yẹn gan-an la sì ń wá.

Mo mú bírò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128, 256. Mo ní kó wo ìparí wọn nìkan: 2, 4, 8, 6, 2, 4, 8, 6. Kí ló dé tí kò fi lè yà kúrò ní ọ̀nà yìí? Ẹ wo 128 nígbà tí a bá fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀. 8 lọ́nà méjì jẹ́ 16, a kọ 6, a gbé 1 lọ sí apá òsì. Ohun tí a bá gbé lọ sí òsì kì í padà wá sí ọ̀tún mọ́. Nítorí náà òǹkà ìkẹyìn nìkan ló ń bí òǹkà ìkẹyìn tó tẹ̀ lé e, bí 2 bá sì ti tún yọjú, 4 ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, láéláé.

Mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yí, torí náà ká fi 4 pín agbára rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà kékeré tó wà lókè 2, ká wo ohun tó ṣẹ́ kù. Bí 1 bá ṣẹ́ kù, 2 ni. Bí ó bá jẹ́ 2, 4 ni. Bí ó bá jẹ́ 3, 8 ni. "Tí nǹkan kan ò bá wá ṣẹ́ kù ńkọ́?" Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ 1, torí wọ́n rántí pé 2⁰ jẹ́ 1. Ṣùgbọ́n kò sí 1 nínú ìlà wa rárá. A ti yí dé ìparí ni, 6 la sì bá níbẹ̀, bíi ti 2⁴ tó jẹ́ 16.

A ò tilẹ̀ ní láti fi 4 pín gbogbo 136279841. 4 pín 100 láìkù, nítorí náà òǹkà méjì tó gbẹ̀yìn, 41, ti tó. 4 lọ sínú 40, ó ku 1. Òǹkà 2 ló parí 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹. A yọ 1 kúrò, ó ku 1.

Kó má baà dà bíi pé mo kàn sọ ọ́ lẹ́nu, a dán an wò lára 2¹²⁷ − 1, èyí tí Édouard Lucas fi hàn ní 1876 pé práìmù ni. 27 fi 3 sílẹ̀, 8 ni, a yọ 1, ó di 7. Nọ́ńbà náà rèé: 170141183460469231731687303715884105727.

Ó wá fẹ́ mọ òǹkà méjì tó gbẹ̀yìn. Èyí ló dùn mọ́ mi jù, torí pàkúté wà níbẹ̀. Ìparí olóòǹkà méjì bẹ̀rẹ̀ báyìí: 02, 04, 08, 16, 32, 64, 28, ó ń lọ títí tó fi dé 76 ní ìkogún, lẹ́yìn náà 52, lẹ́yìn náà 04. Ogún-ogún ló ń yí, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé 02 kò padà wá. Láti 2² lọ sókè, 4 ń pín gbogbo wọn láìkù, nọ́ńbà tó bá sì parí sí 02 kò ṣeé fi 4 pín láìkù. 52 ló gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a fi 20 pín 41 tí 1 ṣẹ́ kù, ẹni tó bá sáré padà sí 02 yóò sọ pé 01 ló parí nọ́ńbà wa. Rárá o: 52 ni, a yọ 1, ó di 51.

Àbúrò mi tẹ èyí sínú Páítọ́ọ̀nù, èdè kọ̀ǹpútà kan:

```
pow(2, 136279841, 100) - 1
```

51 ló jáde. Pow tó gba nọ́ńbà mẹ́ta yìí ń ju ohun tó bá lé ní òǹkà méjì dànù bó ṣe ń lọ, ìyẹn ni kò fi pẹ́.

Fún òǹkà mẹ́ta, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún ló ń yí, bẹ̀rẹ̀ láti 008. Ó túmọ̀ sí pé 2⁴¹ fúnra rẹ̀ ti tó wa. 2199023255552 ni. A yọ 1, ó di 551, ohun kan náà tó sì wà ní ìparí nọ́ńbà tí GIMPS gbé jáde nìyẹn.