Ìwé tí adájọ́ kò rí kì í ṣe ìwé tí kò wúlò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú kíkó àkójọ ìdánwò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹ̀rọ ìṣàwárí tó mọ ìwé wá ju èkejì lọ, ẹ nílò ìwé, ìbéèrè, àti ìdájọ́ èèyàn lórí ìwé tó bá ìbéèrè kọ̀ọ̀kan mu. Àwọn mẹ́ta yìí là ń pè ní àkójọ ìdánwò. Àmọ́ ta ni yóò ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìwé nítorí ìbéèrè kan? Karen Spärck Jones àti Keith van Rijsbergen dábàá ọ̀nà kan ní 1975: kí ẹ̀rọ bíi mélòó kan kọ́kọ́ wá ìwé, kí a bu tòkè tòkè lára èsì kálukú sínú igbá kan, kí adájọ́ sì ka ohun tó wà nínú igbá nìkan. Ìdíje TREC, níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ ìṣàwárí wò, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1992, máa ń bu ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ lára èsì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Àwa tí a ṣe tiwa ní Ilé-Ifẹ̀ kò lówó adájọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́wàá mẹ́wàá la bù.

Ibẹ̀ kọ́ la ti ṣìnà. Ẹ̀rọ mẹ́ta tí a lò, BM25 ni gbogbo wọn, ìyẹn ìlànà tó ń to ìwé nípa wíwo bí ọ̀rọ̀ ìbéèrè ṣe fara hàn nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń ka àmì ohùn bó ṣe wà. Ìbéèrè keje ni «bí a ṣe ń sá kòkó». Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta jẹ́ ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ àwọn tó wá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́rìnlá péré ló kù nínú igbá. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta wá lólobó. Adájọ́ mú mẹ́fà. Ẹ̀rọ tó ṣe dáadáa jù gba 0.5, ìyẹn ni pé márùn-ún nínú mẹ́wàá rẹ̀ dára.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọ̀kan nínú wa gbé ẹ̀rọ kẹrin dé, tó ń bó àmì ohùn kúrò lára ìbéèrè àti ìwé. A fi `trec_eval`, ètò tó ń fún ẹ̀rọ ní máàkì, wo mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ìbéèrè keje:

```
$ trec_eval -q -m P.10 qrels ero4 | awk '$2 == 7'
P_10    7    0.4000
```

A ní kò dára, a fẹ́ jù ú nù. Èmi ni mo sọ pé kí a wo mẹ́wàá ọ̀hún lójú. Mẹ́rin dára, adájọ́ ti kọ ọ̀kan, márùn-ún yòókù kò sí nínú `qrels`, fáìlì tí ìdájọ́ wà, rárá. `trec_eval` kì í béèrè, ìwé tí kò bá ti ní ìdájọ́, òdo ló kà á sí. A kó márùn-ún náà fún adájọ́. Mẹ́rin jẹ́ ìwé àgbẹ̀ tí wọ́n tẹ «koko» láìfi àmì kankan sí, ọ̀rọ̀ sísá kòkó ló wà níbẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ìkarùn-ún ń sọ̀rọ̀ nípa «kókó ọ̀rọ̀» ìpàdé kan. 0.4 di 0.8, ẹni ìkẹyìn sì di ẹni iwájú.

Wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ dán igbá wò báyìí: ẹ yọ ìwé tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo dá mú wá, kí ẹ tún máàkì rẹ̀ kà. Bó bá já wálẹ̀ púpọ̀, igbá kò tó. A ti ṣe é tẹ́lẹ̀, máàkì kò sì yí padà. Kí ni yóò ṣe yí padà? Ìbejì ni àwọn ẹ̀rọ náà, ohun tí ọ̀kan kò rí, kò sí èyí tó rí i. Justin Zobel fi hàn ní 1998 pé ó ṣeé ṣe kí igbá TREC má mú ju ìdá 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìwé tó yẹ lọ, síbẹ̀ ìfiwéra ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ ṣeé gbára lé, nítorí àwọn ẹ̀rọ tó bu sí i pọ̀, wọn kò sì jọra. Nítorí náà, kí ẹ tó pa igbá dé, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń bó àmì sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí èèyàn kan jókòó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá a ní wákàtí kan, kó máa pa ọ̀rọ̀ dà. Bí owó bá ti tán, ẹ ka iye ìwé tí kò ní ìdájọ́ nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ máàkì. `trec_eval -J` máa ń fo irú ìwé bẹ́ẹ̀, àmọ́ níbi tó jẹ́ pé ìwé mẹ́rìnlá péré ló ní ìdájọ́, kò lè gbà yín tán.

Ti àwọn adájọ́ kò gùn. Ẹ má to ìwé fún wọn bí ẹ̀rọ ṣe tò ó. A ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tó fi máa di ìwé kẹjọ, òdo ni wọ́n ń kọ wìtìwìtì, torí wọ́n ti mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni pàǹtírí wà. Ẹ da á rú. Ẹ má sì pín ìbéèrè kan fún èèyàn méjì. Adájọ́ méjì tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ yóò ṣì yàtọ̀ síra. Ellen Voorhees rí i pé ìyàtọ̀ yẹn ń yí máàkì padà, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ipò àwọn ẹ̀rọ padà, ṣùgbọ́n adájọ́ kan ló gbọ́dọ̀ ni odindi ìbéèrè. Tiwa dàrú lórí ìròyìn kan tó sọ iye tí wọ́n ń ra kòkó gbígbẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà pẹ̀lú wa fún un ní 1. Màmá tíṣà tó ti fẹ̀yìntì fún un ní òdo, mo sì bi wọ́n pé, «Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé?»

«Ṣé owó ni ẹ ní kí n sá sóòrùn ni?»

Ọjọ́ yẹn la tó kọ ọ́ sábẹ́ ìbéèrè keje: ìwé gbọ́dọ̀ sọ bí a ṣe ń gbẹ kòkó, iye owó nìkan kò tó.