Wọ́n ju odindi ìwé àdéhùn sínú ṣáàtì ẹ, wọn ò béèrè nǹkan kan: ibi tó yẹ kó o kọ́kọ́ tọ́ka sí

Àbúrò mi kan ló ṣe é fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìwé àdéhùn tó ní abala mẹ́rìnlá, ó kọ́pì ẹ̀ látòkè délẹ̀, ó jù ú sínú ṣáàtì, kò kí mi, kò ní "ẹ bá mi wò ó", ó wá lọ sùn. Tẹ́lẹ̀, tí irú ẹ̀ bá dé, ṣe ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti abala 1 tí màá máa ṣàlàyé wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo bá fi máa dé abala 9 tí ewu gangan wà, ẹni tó fi ránṣẹ́ ti sú, kò kà á mọ́. Pé kò béèrè nǹkan kan ò túmọ̀ sí pé kò ní ìbéèrè o. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé kóun sáìn ín àbí kóun má sáìn ín, ìyẹn náà ni kó o máa kà á fún.

Kọ́kọ́ mọ ẹ̀gbẹ́ tó o wà. Orúkọ àwọn méjèèjì máa ń wà lókè, wò ó pé èwo nínú wọn ni ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ẹ. Iṣẹ́ dísáìn ni àbúrò mi ń ṣe, torí náà òun ni "Olùpèsè Iṣẹ́", ẹni tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún un ni "Oníbàárà". Abala tó jẹ́ ewu fún ọ̀kan, ààbò ló jẹ́ fún èkejì, tó o bá ṣì í pẹ́nrẹ́n gbogbo àlàyé ẹ ti dorí kodò nìyẹn. Lẹ́yìn náà sáré lọ sísàlẹ̀ lọ wo ibi ìbuwọ́lùwé. Tiẹ̀ ṣì ṣófo, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé yí padà. Ká ní ó ti sáìn ni, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí "ní kí wọ́n yọ èyí", ọjọ́ àti ọ̀nà àbájáde ni màá wá.

Wo ohun tí kọ́pì ti gbé sọnù náà. Nọ́ńbà abala lè yí, tébù lè fọ́n ká, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fa ìlà sí láàárín pé àwọn ti yọ ọ́ lè padà wá bí ẹni pé ó ṣì wà níbẹ̀. Nínú ti àbúrò mi, abala 2 ní iṣẹ́ tó máa ṣe "wà nínú Àfikún A". Mo wá Àfikún A títí, kò sí. Ìyẹn fúnra ẹ̀ ti jẹ́ nǹkan tí mo máa tọ́ka sí, torí ẹni tó bá sáìn ìwé tí iṣẹ́ inú ẹ̀ wà nínú ìwé míì tí kò tíì rí, kò tíì mọ ohun tó ta.

Wàyí o, kà á tán lẹ́ẹ̀kan láìkọ nǹkan kan. Nǹkan mẹ́rin ni kó o máa fojú wá: ìgbà tí owó máa wọlé, ìgbà tí iṣẹ́ máa di ti ẹlòmíì, bí wọ́n ṣe lè já a sílẹ̀, àti ẹni tó máa san án tí nǹkan bá bàjẹ́. Tó o bá rí "láìka ohun tí abala mìíràn bá sọ sí", dúró níbẹ̀, torí abala yẹn máa borí èyí tó o ti kà tó dùn mọ́ ẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rèé: wọ́n máa ń wá abala kan ṣoṣo tó burú. Èyí tó máa ń pa èèyàn lára jù ni abala méjì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dà bí ohun tó dáa àmọ́ tí wọ́n bá para pọ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti yí. Wo ti àbúrò mi. Abala 3 ní wọ́n máa sanwó láàárín 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí Oníbàárà bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ náà. Ó pẹ́ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan máa ń gbà á bẹ́ẹ̀. Abala 6 ní gbogbo iṣẹ́ di ti Oníbàárà gbàrà tí wọ́n bá ti ṣe é. Abala 8 ní Oníbàárà lè fòpin sí àdéhùn nígbàkigbà, kó ṣáà ti sọ ọ́ ní ọjọ́ 5 ṣáájú. Ó dáa, ká wá tò wọ́n pọ̀: ó ṣe lógò àti gbogbo ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù tán, ó fi ránṣẹ́, ó ti di tiwọn lójú ẹsẹ̀, kò sí gbèdéke ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ́wọ́ gbà á, 60 ọjọ́ yẹn ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà, wọ́n wá fòpin sí i, abala 8 ò sì sọ pé kí wọ́n sanwó ohun tó ti ṣe. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, ìwé ò sì bá wọn wí. Kò túmọ̀ sí pé olè ni wọ́n o, ó lè jẹ́ fọ́ọ̀mù àtijọ́ kan ni wọ́n ń lò fún gbogbo èèyàn. Ohun tí mo kọ́kọ́ tọ́ka sí nìyẹn, mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó lè dá padà fún wọn: tí wọn ò bá fèsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, wọ́n ti tẹ́wọ́ gbà á nìyẹn, iṣẹ́ á di tiwọn tí wọ́n bá sanwó tán, tí wọ́n bá fòpin sí i, wọ́n á san ti ohun tó ti ṣe títí dọjọ́ yẹn.

Èkejì ni abala 9: òun ló máa san gbogbo àdánù tó bá bá Oníbàárà látara iṣẹ́ náà, kò sí ààlà. Èyí ò lè ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, owó tó máa jáde lọ́wọ́ ẹ̀ lè ju gbogbo owó iṣẹ́ lọ, ìdí tí mo fi fi í ṣáájú àwọn tó kù nìyẹn. Ohun tó yẹ kó béèrè ni pé kó má ju iye owó àdéhùn lọ, kó sì jẹ́ ohun tó jẹ́ àṣìṣe tiẹ̀ gan-an. Tí wọ́n bá kọ̀, lọ́yà ìlú ẹ̀ ló kàn, torí òfin ibì kan lè dín agbára irú abala bẹ́ẹ̀ kù, ti ibòmíì ò sì ní dín in.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́. Àdéhùn oṣù 12, tó máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun fúnra ẹ̀ àyàfi tí àbúrò mi bá sọ pé òun ò ṣe mọ́ ní 90 ọjọ́ ṣáájú kó tó parí. Má kàn sọ "ọjọ́ 90" fún un, bá a kà á. Tó bá parí ní ọjọ́ 28 oṣù kejì, ka 28 ti oṣù kejì, 31 ti oṣù kìn-ín-ní, 31 ti oṣù kejìlá, ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá lo máa bá ara ẹ. Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ó ti wọ ọdún míì nìyẹn.

Àwọn tó kù, ibi tí wọ́n máa kọ lẹ́tà sí, iye kọ́pì, àkọlé abala, mo fi wọ́n sílẹ̀. Àfi abala 13, tó ní ìwé yìí nìkan ni àdéhùn, ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́nu ò kà. Kò burú fúnra ẹ̀, àmọ́ ó mú kí n béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

Èsì tí mo fi sílẹ̀ fún un ò ju ojú fóònù kan lọ: "Mo kà á bí ẹni pé ìwọ lo máa ṣiṣẹ́, o ò sì tíì sáìn. Má tíì sáìn. Abala 3, 6 àti 8 jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n lè gba iṣẹ́ kí wọ́n má sanwó, ọ̀rọ̀ tó o máa ní kí wọ́n fi kún un wà nísàlẹ̀ yìí. Abala 9 ò ní ààlà. Sàmì sí ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Àfikún A dà? Ṣé wọ́n ṣèlérí nǹkan kan fún ẹ lẹ́nu tí kò sí níbí?"

Àárọ̀ ló fèsì. Wọ́n ti sọ fún un lórí fóònù pé àwọn máa san ìdajì ṣáájú, kò sì síbì kankan nínú abala mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá yẹn. Ó wá fi Àfikún A ránṣẹ́, mo ka ìlà kẹta: "àtúnṣe títí tó fi máa tẹ́ Oníbàárà lọ́rùn." Mo ní kó fi ìyẹn ṣe nọ́ńbà kìn-ín-ní, kí abala 3, 6 àti 8 bọ́ sípò kejì.