Ẹ Má Sọ Nọ́ńbà Devine Di Ìwọ̀n Tí Ẹ Gbọ́dọ̀ Dé

Ní ọjọ́ Àìkú kan, àǹtí mi gbé bébà kan síwájú mi. Ó kọ 50.1 sí i, ó sì fi báírò pupa yí i ká. Fóònù rẹ̀ ló sọ fún un pé iye kílò tó yẹ kó wọ̀n nìyẹn. Kílò 60 ló wọ̀n, gíga rẹ̀ sì jẹ́ fíìtì 5 àti ínṣì 2. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò jẹun alẹ́, nítorí ó gbà pé kílò mẹ́wàá ti lé lára òun. Inú mi bàjẹ́, nítorí kò sí kílò mẹ́wàá kankan tó lé.

Ìlànà Devine, ìyẹn ìṣirò kan tó ń fi gíga èèyàn sọ iye kílò rẹ̀, ni fóònù náà lò. Fún obìnrin, kílò 45.5 ni fíìtì 5 àkọ́kọ́, kílò 2.3 sì ni ínṣì kọ̀ọ̀kan tó bá lé e:

```
45.5 + (2 × 2.3) = 50.1
```

BMI, ìṣirò mìíràn tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìwọ̀n ara bá gíga mu, máa ń fi gíga, tí a ti sọ di ilọ́po ara rẹ̀, pín ìwọ̀n ara. Gíga àǹtí jẹ́ mítà 1.575. Tí a bá sọ ọ́ di ilọ́po ara rẹ̀, ó di 2.48. Tí a bá pín 60 sí 2.48, a ó rí 24.2. Láti 18.5 dé 24.9 ni wọ́n kà sí ìwọ̀n tó dára fún àgbàlagbà. Fún ẹni tó ga bíi tirẹ̀, ìyẹn jẹ́ kílò 45.9 dé 61.8.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí: ojú kan ṣoṣo ni Devine fi ìka sí, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kà á sí ààlà tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá. Devine tó ṣe ìlànà náà kò tilẹ̀ kọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ fọn. Ní 1974, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn ló ń kọ nípa rẹ̀. Oògùn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀rá ara. Tí wọ́n bá fi gbogbo kílò ẹni tó sanra wọn oògùn náà fún un, ó lè pọ̀ jù, kó sì ba kíndìnrín tàbí etí jẹ́. Apòògùn nílò nọ́ńbà kan tó bá gíga èèyàn mu, kì í ṣe ọ̀rá rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni nọ́ńbà yẹn wá ṣe. Robinson náà, tó ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní 1983, ìwọ̀n oògùn ló ní lọ́kàn. Hamwi, tó ṣe tirẹ̀ ní 1964, ń wá ọ̀nà tó yá láti ṣètò oúnjẹ fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ó sì ní kí a fàyè ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, nítorí eegun àwọn kan tóbi ju tàwọn mìíràn lọ. Àyè yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ fóònù máa ń gbàgbé.

Ẹ má sì sọ pé, "Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò, òótọ́ ni." Fún àǹtí, Hamwi fún un ní 49.9, Robinson 52.4. Lóòótọ́ wọ́n sún mọ́ra, ṣùgbọ́n torí pé gíga àǹtí kò jìnnà sí fíìtì 5 ni. Ẹ mú ọkùnrin tó ga tó fíìtì 6 àti ínṣì 4: Hamwi ní 91.6, Devine 86.8, Robinson 82.4. Hamwi ń fi bíi kílò 2.7 kún un fún ínṣì kọ̀ọ̀kan, Robinson ń fi 1.9, ìyàtọ̀ náà sì ń gbòòrò bí èèyàn ṣe ń ga sí i. BMI kò rìn ní ìlà tààrà bẹ́ẹ̀. Ilọ́po gíga ló ń tẹ̀lé, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè máa bára wọn mu níbi gbogbo.

Èyí burú jù fún ẹni tí kò ga tó fíìtì 5. Ibẹ̀ ni ìlànà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀ nípa ìsàlẹ̀. Síbẹ̀ àwọn kan máa ń yọ kílò 2.3 kúrò fún ínṣì kọ̀ọ̀kan tó dín. Obìnrin tó ga ní fíìtì 4 àti ínṣì 9 yóò wá rí kílò 38.6, bẹ́ẹ̀ 38.8 ni BMI ní kó má ṣe wọ̀n kéré sí. Ohun tí wọ́n pè ní ìwọ̀n tó dára jù ti bọ́ sí ìsọ̀rí àwọn tó rù jù!

Ẹ tún ṣọ́ àmì ìdá mẹ́wàá. Fíìtì 5 àti ínṣì 11 kì í ṣe 5.11. Ọkùnrin tó ga báyẹn gbọ́dọ̀ rí 75.3 lọ́dọ̀ Devine. Tó bá tẹ 5.11 síbi tí wọ́n ti ń ka fíìtì, nǹkan bíi 53 ni yóò rí. Ẹ wọn gíga yín ní sẹ̀ńtímítà, kí ẹ fi 2.54 pín in láti mọ iye ínṣì.

BMI náà kò mọ ìyàtọ̀ iṣan àti ọ̀rá, kò sì bá aboyún mu. Nítorí náà mo máa ń fi téèpù wọn ìbàdí pẹ̀lú rẹ̀.

Mo gba báírò pupa náà, mo kọ 45.9 sí apá òsì nọ́ńbà tí àǹtí yí ká, mo kọ 61.8 sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo sì sàmì síbi tí 60 wà. Ó tẹjú mọ́ ọn títí. Ó ní, "Ṣé inú ibẹ̀ ni mo ti wà látọjọ́ yìí?"